Ojú, ọ̀rọ̀ àbí owó: ohun tí a ní kí ìpolówó àkọ́kọ́ wá fún ìsọ̀ ànkárá kan ní Bálógun

Ìsọ̀ ànkárá ní Bálógun ni mo ṣètò ìpolówó yìí fún lórí Féesìbúùkù. Ìyá tó ni ín kò ní wẹ́ẹ́bù. Orí Wasáàpù ni wọ́n ti ń dúnàádúrà, oníbàárà á san owó sí báńkì, díspáàṣì á sì gbé aṣọ lọ.

Ohun tí Féesìbúùkù kọ́kọ́ máa ń béèrè ni iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ìpolówó ṣe. "Sales" ló wu ìyá, nítorí owó ni wọ́n ń wá. Mo ní ká fi í sílẹ̀ ná. Kí Féesìbúùkù tó mọ irú ẹni tó ń rajà, ó fẹ́ rí bí àádọ́ta ìrajà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó tó sì wọ báńkì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Wasáàpù kì í hàn sí i. "Awareness" a máa gbé ìpolówó dé iwájú ọ̀pọ̀ èèyàn lówó pọ́ọ́kú, àmọ́ kì í wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ó yẹ bùkátéríà ní Yábà, tí ẹni tó rí i lè yà wọlé. Kò yẹ ànkárá tí a ó gbé lọ bá oníbàárà n'Íkòròdú.

"Engagement" ni mo mú, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń ṣòfò. Bí èèyàn bá fi í sí "On your ad", àwọn tó máa ń tẹ "Like" ló máa wá, wọn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ra nǹkan. Mo yan "Message destinations", mo sì mú "WhatsApp". Mo kọ iye yáàdì, iye owó àti owó díspáàṣì sára ìpolówó náà. Láìsí èyí, èèyàn á kàn tẹ ìkíni tí ẹ̀rọ ti kọ sílẹ̀ fún un, tó bá gbọ́ iye, kò ní fèsì mọ́.

Iye ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí Féesìbúùkù ń fi hàn kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sanwó, a máa ń fi àmì "Paid" sí i nínú Wasáàpù oníṣòwò. Ká ní ₦21,000 la ná lọ́sẹ̀ kan, tí èèyàn márùndínlógójì sọ̀rọ̀, ₦600 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì dùn ún gbọ́. Àmọ́ bí méje péré bá sanwó, ₦3,000 la fi wá ẹnì kan. Bí èrè orí aṣọ kan bá jẹ́ ₦3,000, ìpolówó ti jẹ gbogbo rẹ̀.

Nírú àsìkò yẹn, mi ò ní kí wọ́n sáré lọ sí "Sales". A máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn tí kò rà, ká wo ibi tí wọ́n dákẹ́ sí. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn iye owó ni, àwọn tí ìpolówó ń bá kọ́ ló yẹ kó rà á, tàbí iye kò hàn dáadáa lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n béèrè, tí wọn kò rí èsì títí di alẹ́, a ó dín owó ìpolówó kù dé iye ènìyàn tí ìyá lè dá lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.