Bí a ṣe ń mọ ìpolówó tó ń mú oníbàárà padà wá, kí a tó náwó sí i

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ta èlùbọ́ n'Ìbàdàn, tó ní 40,000 náírà fún ìpolówó lóṣù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ni pé wọ́n á ka iye èèyàn tuntun tí ìpolówó kọ̀ọ̀kan mú wá, wọ́n á sì da owó sídìí èyí tó mú èrò wá jù. Èlùbọ́ kì í ṣe fìríìjì. Kóńgò kan kì í pẹ́ tán nínú ilé, èrè tó wà lórí rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan tí kò yọjú mọ́ lè jẹ́ pé ẹ pàdánù lórí rẹ̀. Ẹni tó padà wá ni kí ẹ máa kà.

Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò le. Òpó mẹ́rin ni: ọjọ́, nọ́ńbà fóònù, ibi tó ti mọ̀ wá, iye tó san. Google Sheets lórí fóònù ni mo fẹ́ràn, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń báni ṣírò. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ dátà lè ra ìwé ńlá onílà, kó fi rúlà pín in sí mẹ́rin. Àwọn kan ń lo àmì aláwọ̀ inú WhatsApp Business. Ó dáa láti fi dá èèyàn mọ̀, àmọ́ kò ní sọ ọjọ́ tí ẹni náà padà wá fún yín.

Ibi tí mo ti rí i tí iṣẹ́ yìí ń bàjẹ́ jù ni dídá ẹnì kan náà mọ̀ nígbà tó bá padà wá. Orúkọ kò ṣe é gbára lé. Obìnrin tó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Túndé lóṣù tó kọjá lè lo orúkọ ọkọ rẹ̀ lóṣù yìí, kí owó sì wá láti àkáǹtì àbúrò rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ tó wà lórí áláàtì báǹkì, ẹnì kan á di mẹ́ta nínú ìwé yín, ẹ ó sì máa rò pé kò sẹ́ni tó ń padà. Nọ́ńbà tó fi ń ṣe WhatsApp ni kí ẹ kọ, ìyẹn nìkan. Bó bá sì rán ọlọ́kadà wá gbẹrù, ẹ má kọ nọ́ńbà ọlọ́kadà. Mo ti rí ìwé kan tó jẹ́ pé ọlọ́kadà ni oníbàárà tó ń rà jù nínú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe kọ nọ́ńbà náà tún lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ tẹ 0803 sínú Google Sheets, ó lè gbé òdo iwájú jù nù. Ọmọ ìsọ̀ yín á da tiẹ̀ kọ láti inú WhatsApp, tiẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì nìyẹn. Òfin mi ni pé àwọn nọ́ńbà 10 tó kẹ́yìn nìkan la ń kọ, láìsí òdo, láìsí +234, láìsí àlàfo láàárín. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri fún ọmọ ìsọ̀.

Ó wá ku ibi tó ti mọ̀ yín. Ẹ má bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ yín, torí “orí fóònù” ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló júwe wa fún yín, àbí ìpolówó lẹ rí?” Fún Facebook, kò tiẹ̀ yẹ kí ẹ bi í rárá. Ẹ fi líǹkì yìí sábẹ́ ìpolówó, kí ẹ kọ nọ́ńbà yín sípò àwọn X. Ọ̀rọ̀ “FB” á ti wà nínú àpótí ìkọ̀wé kí oníbàárà tó tẹ “Send”:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=FB
```

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rà nìkan lẹ ó kọ ibi tó ti mọ̀ yín. Bó bá padà wá, ẹ fi òpó yẹn sílẹ̀ lófìfo, kódà bó sọ pé ìpolówó tó rí lánàá ló rán òun létí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló júwe yín fún un níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lọ yí i padà, Facebook ló máa gba iyì iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ ṣe, Facebook náà lẹ ó sì sanwó fún.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó tún rà ló padà wá. Ẹni tó ra kóńgò méjì láàárọ̀, tó sáré wá ra ọ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì torí àlejò, ọjà kan náà ló ṣì ń rà. Kó tó ọjọ́ 7 kí ẹ tó kà á. Ẹni tó ra àpò ńlá fún ìnáwó, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀tọ̀, torí òkú kan kì í kú lẹ́ẹ̀mejì.

Àkókò tí ẹ máa fún wọn náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kóńgò kan bá ń tó ilé kan jẹ fún bí oṣù kan, ọjọ́ 60 ni mo ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ rà. Ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì jẹ tiẹ̀ tán, ẹ má fi wé ẹni tó ti dé láti ọdún Iléyá. Nítorí náà, ẹ kò lè ṣírò àwọn tó kọ́kọ́ rà lóṣù kejì ọdún títí oṣù kẹrin á fi parí. Ibí ni sùúrù ti ń tán lára àwọn èèyàn. Bí ọjọ́ bá wà ní òpó A, tí nọ́ńbà wà ní òpó B, ẹ fi èyí sí òpó E ní ìlà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ rà:

```
=COUNTIFS(B:B,B2,A:A,">"&A2+6,A:A,"<="&A2+60)
```

Ìlà kejì ni B2 àti A2 ń tọ́ka sí; bí ẹni náà bá wà ní ìlà míì, ẹ fi nọ́ńbà ìlà rẹ̀ rọ́pò 2 inú wọn. Bó bá mú 0 wá, kò padà. Bó bá ju 0 lọ, ó padà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi iye kan ṣàpẹẹrẹ. Ká ní Facebook gba 21,000 náírà, ó mú èèyàn 28 wá, 3 nínú wọn padà. Ìwé ìpolówó tí a pín yíká àdúgbò gba 11,000, ó mú 10 wá, 4 padà. Ẹ̀bùn èlùbọ́ tí a ń fún oníbàárà tó bá mú ẹlòmíràn wá gba 8,000, ó mú 8 wá, 5 padà. Bí a bá pín owó sórí ẹni tuntun, Facebook ló pọ́ọ́kú jù: 750 náírà lórí ẹnì kan, nígbà tí ẹ̀bùn jẹ́ 1,000. Ẹ wá pín in sórí àwọn tó padà. Facebook di 7,000 lórí ẹnì kan, ìwé ìpolówó di 2,750, ẹ̀bùn di 1,600.

Ẹ fi èrè wò ó. Ká ní 500 náírà ni èrè orí ọjà kan. Èèyàn 28 ti Facebook mú 14,000 wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ku 7,000 tí ẹni mẹ́ta tó padà gbọ́dọ̀ dí. Kálukú wọn ní láti tún rà nígbà 5 kí owó ìpolówó tó wọlé. Ti ẹ̀bùn, ìgbà 2 péré.

Síbẹ̀, ẹ má kó gbogbo owó lọ sídìí ẹ̀bùn. Iye oníbàárà tí ẹ ní ló ń pinnu iye tí wọ́n lè mú wá, bí ẹ bá sì sọ ẹ̀bùn di ìlọ́po mẹ́ta, àwọn kan á máa mú ẹ̀gbọ́n ilé tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà wá. Ẹ tún wo bí iye náà ti kéré tó: ká ní méjì nínú mẹ́rin ti ìwé ìpolówó kò padà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan á di 5,500, kò sì ní jìnnà sí Facebook mọ́. Ohun tí èmi máa ṣe ni pé màá yọ 8,000 lára owó Facebook, màá fi 4,000 kún ẹ̀bùn, màá tọ́jú 4,000 yòókù, màá sì fi ìwé ìpolówó sílẹ̀ bó ṣe wà títí àwọn tó kọ́kọ́ rà lóṣù kẹta náà á fi pé ọjọ́ 60.