Èrè Tí Ọ̀wọ́ngógó Jẹ Mọ́ Àgbẹ̀ Lọ́wọ́

Àgbẹ̀ kan ná 100 sórí oko éékà 7: irúgbìn, ajílẹ̀, owó alágbàṣe àti owó ọkọ̀. (Ẹ fi 100 dúró fún iye yòówù tó bá wà lọ́kàn yín.) Nígbà tó kórè, ó ta gbogbo rẹ̀ ní 130. Inú rẹ̀ dùn pé òun jèrè 30, ó sì ná èrè náà. Ìgbà tí òjò tún dé, tó lọ ra àwọn nǹkan kan náà, 140 ni wọ́n ń tà wọ́n. 100 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, éékà 5 péré ni owó náà sì lè dá. Wọn ò jà á lólè, kò ṣe ìmẹ́lẹ́, irè rẹ̀ ò sì bàjẹ́. Ọ̀wọ́ngógó ló jẹ éékà 2 lára oko rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọjà tó bá wọ́n là ń pè ní ọ̀wọ́ngógó o. Bí kòkòrò bá jẹ irúgbìn kan run, tí òun nìkan wọ́n, ọ̀dá irúgbìn nìyẹn. Ọ̀wọ́ngógó ni kí owó ọjà lápapọ̀ máa lọ sókè, kó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí owó kan náà ń rà ń dín kù.

Kí ló ń fà á? Nígbà mìíràn, owó tó wà níta ló pọ̀ ju ọjà tó wà nílẹ̀ lọ. Ìjọba Jámánì tẹ owó bẹ́ẹ̀ láti fi san gbèsè àti ìnáwó rẹ̀, títí ó fi di pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, dọ́là Amẹ́ríkà kan ju tírílíọ̀nù 4 owó máàkì lọ. Nígbà mìíràn, ìnáwó àwọn tó ń ṣe ọjà ló ga. Lọ́dún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo rọ̀bì dín epo tí wọ́n ń tà kù, iye rẹ̀ sì di bí ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Ọṣẹ kì í mu dísù, àmọ́ ọkọ̀ tó gbé e wá sọ́jà ń mu ún. Bí owó ìlú kan bá sì já wálẹ̀ sí owó òkèèrè, ajílẹ̀ tó ti òkè òkun wá yóò gbówó lórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ kò yí padà níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tajà tó mọ̀ pé òun máa tún ọjà rà ní iye tó ga jù yóò ti fi owó lé èyí tó wà lórí àtẹ. Àwọn èèyàn máa ń bú u, àmọ́ ìṣirò tí àgbẹ̀ wa kò ṣe lòun ń ṣe yẹn.

Ohun tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ́n, owó oṣù ló máa ń kẹ́yìn. Nígbà mìíràn iye ọjà kò yí padà rárá, ìwọ̀n rẹ̀ ló dín. Bí páálí tó jẹ́ gíráàmù 500 bá di 400 ní iye kan náà, ọjà yẹn ti fi ìdá 25 nínú 100 wọ́n sí i. Ẹ máa wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí.

Ohun kan wà tó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Wọ́n á gbọ́ pé ọ̀wọ́ngógó ti dín láti 20 sí 10 nínú 100, wọ́n á dé ọjà, wọn ò ní rí ohun tó rọjú. Ọjà tó jẹ́ 100 di 120 lọ́dún àkọ́kọ́, ó di 132 lọ́dún kejì. Eré tó ń sá ló dín, kò padà sẹ́yìn.

Ẹ ṣí ìwé kan sílẹ̀ nílé. Ẹ kọ nǹkan bíi mẹ́wàá tí ẹ ń rà ṣáá, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì máa kọ iye wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Oṣù yìí lọ́dún tó kọjá ni kí ẹ fi wé oṣù yìí, torí irè oko máa ń rọjú nígbà ìkórè, ó sì máa ń wọ́n kó tó dìgbà náà. Bí àròpọ̀ bá jẹ́ 80 lọ́dún tó kọjá tó di 100 báyìí, ọ̀wọ́ngógó ilé yín jẹ́ 25 nínú 100, ohunkóhun tí wọn ì báà kéde. Àròpọ̀ gbogbo ìlú ni wọ́n ń kéde, ilé tí oúnjẹ ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ kò ní rí i bákan náà.

Tí ẹ bá ta irè oko, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí ohun èlò ọ̀gbìn jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ohun tó kù lèrè. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi owó tí ẹ yọ náà ra ajílẹ̀ oníhóró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sórí pákó níbi tí omi kò lè dé, torí ó máa ń dì bí òkúta tí ọ̀rinrin bá kàn án. Àmọ́ ẹ má ṣe yáwó èlé nítorí rẹ̀ láìṣírò: èlé lè ju ohun tí ọjà yóò fi wọ́n lọ. Irúgbìn ò sì ṣeé tọ́jú pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó gbin èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ da hóró 100 sórí aṣọ tútù. Bí 60 péré bá hù, ohun tí ẹ rò pé ẹ rí fi pamọ́ ti bá 40 tó kú lọ.