Bí Mo Ṣe Yẹ Ìwé Àṣẹ Ìsanwó Mẹ́tàlélógójì Wò Kí Wọ́n Tó Dé Báǹkì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, wọ́n gbé ìwé àṣẹ ìsanwó 43 lé èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìbàdàn lọ́wọ́, pé kí n yẹ̀ wọ́n wò kí akápò tó kó wọn lọ sí báǹkì. Mo kọ́kọ́ pín wọn sí ọ̀nà méjì, nítorí pé ibi tí àṣìṣe ti léwu nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú sítáńdíǹ ọ́dà, ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ fún báǹkì rẹ̀ pé kí ó máa san iye kan fún wa, nítorí náà nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ ni mo tẹjú mọ́. Nínú dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì, àwa ni a ń fa owó jáde láti inú àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú àṣẹ tí ó fọwọ́ sí, nítorí náà bí nọ́ńbà tirẹ̀ bá yí padà, owó ẹni ẹlẹ́ni ni a ó lọ máa fà.

Ti sítáńdíǹ ọ́dà kò gbà mí lákòókò, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sanwó sí. Ọ̀rọ̀ wà nínú dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì.

Nọ́ńbà àkáǹtì wa ní Nàìjíríà jẹ́ òǹkà mẹ́wàá, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún mẹ́sàn-án tí ó ṣáájú. Èmi kò lè kọ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ síbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a lo 0000014579, tí Báǹkì Àpapọ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìlànà rẹ̀, pẹ̀lú 011 tí ó jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì. A ó to 011 ṣáájú òǹkà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, a ó sì fi òǹkà kọ̀ọ̀kan nínú ìlà kejì sọ èyí tí ó wà lókè rẹ̀ di púpọ̀:

```
0 1 1 0 0 0 0 0 1 4 5 7
3 7 3 3 7 3 3 7 3 3 7 3
```

Àròpọ̀ gbogbo èsì náà jẹ́ 81. Òǹkà ìkẹyìn 81 ni 1. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 10, ó ku 9, èyí tí ó bá ẹ̀ṣọ́ náà mu. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì kọ 54 dípò 45, àròpọ̀ yóò di 77, ẹ̀ṣọ́ náà yóò sì tú àṣìṣe náà fó. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 41 dípò 14, ìṣirò náà kò ní mọ̀, nítorí pé 3 ni ó wà lábẹ́ òǹkà méjèèjì. Bí 0000014579 ṣe tọ̀nà ni 0000041579 náà ṣe tọ̀nà lójú rẹ̀.

Irú rẹ̀ gan-an ni mo bá pàdé. Nọ́ńbà olùkọ́ kan yege nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù, láì fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́, orúkọ obìnrin tí a kò mọ̀ rí ni ó jáde. Mo pe olùkọ́ náà.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nọ́ńbà àkáǹtì yín láti ara ìwé tí báǹkì fún yín, kì í ṣe láti orí.”

Ó kà á, òǹkà kẹfà àti ìkeje sì ti gba ipò ara wọn lórí fọ́ọ̀mù. Láti ìgbà náà, èmi kì í fi ìṣirò nìkan gba nọ́ńbà wọlé. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ náà gan-an gbọ́dọ̀ jáde.

Fún iye owó, mo pa fọ́ọ̀mù tì ná, mo lọ sí ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó. Olùkọ́ kan náà yá 600,000 náírà pẹ̀lú èlé 60,000, tí yóò san pada lẹ́ẹ̀méjìlá. 55,000 náírà ni ó kàn lẹ́ẹ̀kan, iye náà sì ni ó wà lórí fọ́ọ̀mù. Ìgbà ìsanwó ni kò tọ̀nà. Ó fàmì sí “ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin” dípò “oṣooṣù”, bẹ́ẹ̀ ni ó kọ ọjọ́ 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ̀ sí ìparí. Mo ka àwọn ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà, ìsanwó méjìlá náà ni ó jáde, èyí tí ó fi hàn pé ẹni tí ó bá wo àròpọ̀ nìkan kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 26 ni owó oṣù rẹ̀ máa ń wọlé, ìsanwó kejì yóò sì bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé, ti ẹ̀kẹrin sí ọjọ́ 22 oṣù Igbe, ti ìkeje sí ọjọ́ 15 oṣù Agẹmọ. Báǹkì yóò máa bá àkáǹtì òfìfo pàdé, a ó sì máa fi orúkọ ẹni tí kò jẹ̀bi sínú ìwé àwọn tí kò sanwó.

Èmi kò fi bíìrò tún un ṣe, nítorí pé ohun tí ó fọwọ́ sí nìkan ni àṣẹ wa. Ó wá sí ọ́fíìsì, ó kọ fọ́ọ̀mù tuntun, ó fọwọ́ sí i níwájú mi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo rí 55,000 náírà rẹ̀ nínú sítétímẹ́ǹtì ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.