Àgbẹ̀ 435 tí kò sí níbì kankan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yọ iye jáde nínú ìjábọ̀ pápá

Bí ọjọ́ tí a máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ bá ti sún mọ́lé, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó kó ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta kalẹ̀, a ó wá ibi tí wọ́n kọ iye ènìyàn sí, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ọkà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìwé àdéhùn sọ pé láàárín oṣù mẹ́ta, àgbẹ̀ 300 ni yóò gba ẹ̀kọ́ náà, ìpàdé 12 ni wọn yóò sì ṣe. Ìjábọ̀ oṣù kìíní ní, "Àgbẹ̀ 110 ni a kọ́." Ti oṣù kejì ní, "Títí di ìsinsìnyí, a ti kọ́ àgbẹ̀ 205." Ti oṣù kẹta ní, "Àgbẹ̀ 120 ló wá." Ẹni tó bá kàn rò wọ́n pọ̀ yóò rí 435, yóò sì fi ayọ̀ kọ ọ́ pé a ti kọjá àfojúsùn.

Má kọ ọ́. "Títí di ìsinsìnyí" túmọ̀ sí pé 110 ti oṣù kìíní ti wà nínú 205 yẹn. 95 péré ni ti oṣù kejì. Gbogbo rẹ̀ wá di 325.

Má sì tíì pe 325 yìí ní ènìyàn. Iye ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ni, nítorí àgbẹ̀ tó wá lóṣooṣù ti fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìpàdé ni kó o gbé jáde, kó o fi orúkọ wé orúkọ. Orúkọ nìkan kò tó o: ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà ní abúlé kan, akọ̀wé sì lè kọ orúkọ ẹnì kan ní ọ̀nà méjì. Fi abúlé, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà fóònù kún un kó o tó sọ pé ẹnì kan náà ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, àgbẹ̀ 214 ló kù. Bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò bá tíì dé ọwọ́ rẹ, kọ ọ́ pé àwọn àgbẹ̀ wá sípàdé nígbà 325, kó o sì sọ pé a kò tíì yọ àwọn tó wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. (Àwọn tó máa ń fi 5 sọ iye náà di púpọ̀ nítorí pé "ìdílé náà jàǹfààní", ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀.)

Ní ti iṣẹ́ tí a ṣe, ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà "a ṣètò". "A ṣètò ìpàdé 4" lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ṣì ń gbèrò rẹ̀ ni. Mo máa ń wá ọjọ́, ibi ìpàdé àti ìwé ìforúkọsílẹ̀. Èyí tí kò bá ní wọn, n kì í kà á. Nínú ìpàdé 12, 10 ló ní wọn. Wọ́n sún ọ̀kan síwájú nítorí omi tó ya bo ọ̀nà. Èyí tó kù, kò sí ìjábọ̀ tó dárúkọ rẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé wọn kò ṣe é, ẹlòmíràn á gbà pé wọ́n ṣe é. Méjèèjì ló ń méfò. Pe òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ká ní ó dáhùn pé olùkọ́ kò wá, ìgbà yẹn ló tó lè kọ ọ́.

Ibi àfojúsùn tí ọwọ́ kò tó ni ìdánwò wà. 214 nínú 300 jẹ́ 71%, ó ku 86. Bí ìjábọ̀ pápá bá lo 250 dípò 300 nítorí pé ọ̀nà abúlé kan kò ṣeé gbà, iye náà á fò sókè sí 86%, ṣùgbọ́n 300 ló wà nínú àdéhùn. Àfi tí olówó bá ti fọwọ́ sí àyípadà náà lórí ìwé, 300 ni kó o lò.

Má sì gbé gbogbo ẹ̀bi ru omi. Ìpàdé 10 mú ìfọwọ́sí 325 wá, ìyẹn bíi 32 tàbí 33 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká tiẹ̀ ní ìpàdé méjì tí kò wáyé mú kìkì ojú tuntun wá, 65 ni wọn ì bá fi kún un, kò sì tó 86. Ìyókù jẹ́ nítorí pé àwọn àgbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń pè ṣáá. Èyí ni ohun tó yẹ kí olówó gbọ́.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí: "Àgbẹ̀ 214 ló gba ẹ̀kọ́ nínú 300 tí a fojú sùn. A ṣe ìpàdé 10 nínú 12: omi dí ọ̀nà ọ̀kan, olùkọ́ kò sì wá sí èkejì. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí sì dín iye ojú tuntun kù." Nínú fáìlì tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ìjábọ̀ tí mo ti rí i, ojú ìwé rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ pápá lò gan-an.