Lẹ́tà tí mo kọ sí olórí ẹbí nígbà tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ ta ilé wa ní Aṣerò

Ọkọ mi kú láìkọ ìwé ìhágún. Kí ọdún tó yípo, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń mú ẹni tó fẹ́ ra ilé wá wo ilé tí à ń gbé ní Aṣerò, ní Abẹ́òkúta. Ó ní owó oko ẹbí tí wọ́n tà ni ẹ̀gbọ́n òun fi ra ilẹ̀ náà, nítorí náà ilé ẹbí ni. Mo pinnu láti kọ̀wé sí olórí ẹbí kí ọ̀rọ̀ tó di ti lọ́yà tàbí ọlọ́pàá. Bí mo ṣe kọ ọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo ti rí àwọn opó ní ọjà Ìtòkú níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ, tí ogún bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn nítorí pé ẹkún àti èpè nìkan ni wọ́n rí gbé lọ síwájú àgbà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni ibi tí èmi fúnra mi dúró sí. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ la ṣe, a kò dé kọ́ọ̀tù. Ní àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ ìgbà náà sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Súbérù àti Súnmọ́nù lọ́dún 1957. Ó dùn mí. Èmi àti ọkọ mi la jọ pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì ilé yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ pé "ilé mi ni", gbólóhùn kan péré ni àbúrò ọkọ mi nílò láti fi dá mi lóhùn. Àṣà kan náà ló sì sọ pé bí olóògbé bá fi ọmọ sáyé, ọmọ ló ni ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, kì í ṣe àbúrò. Ìdí nìyí tí mo fi kọ "ilé àwọn ọmọ olóògbé" láti òkè lẹ́tà dé ìsàlẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ bí ìyá wọn, tí ó sì ń bá wọn gbé inú ilé náà.

Ọkọ mi ti bí ọmọbìnrin kan kí ó tó fẹ́ mi. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má dárúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, nítorí òun ni àkọ́bí olóògbé. Olórí ẹbí mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bí mo bá fò ó, kò sí ohun mìíràn tí mo kọ tí wọn yóò gbà gbọ́. Mo sì mọ ohun tí yóò ná mi: bí a bá pín ogún ní ìdí-igi, ìdajì ni ti ẹ̀gbẹ́ ìyá tirẹ̀, ìdajì yòókù ni àwọn ọmọ mi mẹ́ta yóò pín. Mo pè é, mo ka lẹ́tà náà sí i létí, òun àti àkọ́bí mi ọkùnrin sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá dé orí ilẹ̀ gan-an. Mo wá ọdún, nítorí ọdún kì í bá ènìyàn jà. Rìsíìtì tí ẹbí onílẹ̀ ní Aṣerò fún ọkọ mi ní 1998 nínú, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ìwé sọ́féè jẹ́ ti 1999. Ọdún 2003 la kó wọlé. Oko ẹbí tí àbúrò ọkọ mi ń wí, 2009 ni wọ́n tà á, olórí ẹbí fúnra wọn ló sì fọwọ́ sí ìwé títà náà. Owó tí a gbà ní 2009 kò lè ra ilẹ̀ ní 1998. N kò sọ ọ́ báyìí nínú lẹ́tà o. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Bàbá wa, mo kí yín tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe irú àgbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi mú tiwa náà wá. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi ṣí ìwé ẹbí, kí ẹ wo ọdún tí a ta oko àti iye tí ó kan olóògbé. Rìsíìtì ilẹ̀ Aṣerò wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, kí ẹ lè gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn."

Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá fi ojú ara rẹ̀ rí nínú ìwé ara rẹ̀, ẹnu obìnrin kọ́ ló ti gbọ́ ọ. Mo sì fi kún un pé ẹlẹ́rìí kan tó fọwọ́ sí rìsíìtì náà ṣì wà láyé, yóò sì wá bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é.

Ká ní orí ilẹ̀ ẹbí ni ọkọ mi kọ́lé sí ni, lẹ́tà mìíràn ni n bá kọ. Nígbà náà, ilẹ̀ yóò ṣì jẹ́ ti ẹbí, ohun tí mo sì lè bèèrè ni pé kí wọ́n má lé àwọn ọmọ kúrò nínú ilé tí bàbá wọn kọ́. Kí opó tó gbé bírò, kó kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni tirẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ti gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé wa rí fún ọdún púpọ̀, ó sì ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ó ní ìpín. Gbólóhùn méjì ni mo fi dáhùn: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un ní yàrá láìgba owó, kò sì sí bíríkì kan tó fi owó rẹ̀ rà síbẹ̀. "Ọkọ mi" ni mo pè é jálẹ̀ lẹ́tà, bí mo ti ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. N kò pè é lólè, n kò sì dárúkọ ọlọ́pàá. Lẹ́tà tí a óò kà sókè níwájú ẹbí ni, mo sì fẹ́ kí àwọn àgbà lè kà á tán láìbínú. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ fún ìdí kan náà.

Ohun méjì péré ni mo bèèrè ní ìparí: kí olórí ẹbí pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má mú oníbàárà wá mọ́ títí ẹbí yóò fi jókòó, kí wọ́n sì dá ọjọ́ ìpàdé tí àkọ́bí olóògbé àti ẹlẹ́rìí wa yóò lè wà níbẹ̀.

Fọ́tókọ́pì nìkan ni mo so mọ́ lẹ́tà. Ojúlówó ìwé wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ìwé tó bá dé agboolé kò ṣòro kó sọnù, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ ẹni tí yóò bi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin àgbà ló mú mi lọ. A kò ní kí Bàbá fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa, nítorí wọ́n lè rò pé à ń dẹ pàkúté fún wọn. Akọ̀wé ẹbí la bẹ̀, ó kọ "mo gbà á" àti déètì sí i. Ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹnikẹ́ni bá ta ilé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò lè sọ pé ẹbí kò gbọ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Bàbá ṣí ìwé ẹbí níwájú gbogbo wa. Wọ́n ka ọdún 2009 sókè, wọ́n tún ka ìpín tó kan ọkọ mi, wọ́n wá yíjú sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó sọ bí ó ṣe jẹ́. Kò rí nǹkan kan sọ ju pé ẹnì kan ló sọ fún òun. Wọ́n ní kí ó ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra ilé pé ilé náà kì í ṣe títà. Ó ṣì ń bínú sí mi, kì í dáhùn bí mo bá kí i.

Bàbá fún wa ní ìwé pé ẹbí mọ̀ pé ọmọ mẹ́rin ni olóògbé fi sáyé, pé ilé Aṣerò kì í sì í ṣe ti ẹbí. Ìwé yẹn wà lára àwọn tí àkọ́bí olóògbé àti ọmọ mi kó lọ sí kọ́ọ̀tù gíga níbí láti gba ìwé àṣẹ ìbójútó ohun-ìní bàbá wọn, nítorí lẹ́tà tèmi dá títà dúró ni, kò sọ ilé di orúkọ àwọn ọmọ.