Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi sítéètìmẹ́ǹtì báńkì yẹ ìwé owó wò

Bí oṣù bá parí, tí owó tó kù nínú ìwé owó yín kò bá ti báńkì mu, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ iye tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, wọ́n á wá máa wá iye tó ṣẹ́ kù yẹn kiri inú ìwé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, òun ló ń jẹ àkókò jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ìwé owó ní 412,600 ló kù lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, báńkì ní 439,250 ni. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 26,650. Ẹni tó ń wá 26,650 kò ní rí i, torí kò sẹ́ni tó san iye yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbà á. Ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló para pọ̀ di í, àwọn kan ń gbé e sókè, àwọn kan ń fà á wálẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni kí ẹ ṣèèṣì rí 26,650 kan níbì kan, kí ẹ wá yọ ohun tí kò lẹ́bi kúrò nínú ìwé.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú. Ẹ gbé ìwé méjèèjì síwájú, kí ẹ sì sàmì sí ohunkóhun tó bá hàn lápá méjèèjì. Ohun tí kò bá lámì lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yín. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìlà àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé ìbáradọ́gba oṣù tó kọjá jáde, ìyẹn ìwé tí ẹ fi mú owó tó kù nínú ìwé owó àti ti báńkì bára dọ́gba. Sọ̀wédowó tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá, tó jẹ́ pé oṣù yìí ni wọ́n gbé e lọ sí báńkì, kò ní sí nínú ìwé owó oṣù yìí rárá. Ẹni tí kò bá yẹ ìwé oṣù tó kọjá wò á rò pé báńkì ti yọ owó òun láìnídìí. Tó bá sì jẹ́ pé oṣù tó kọjá gan-an kò bára dọ́gba, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìyàtọ̀ rẹ̀ ti wọ inú ti oṣù yìí.

Nǹkan kan tún wà tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Owó tó wọlé wà lápá dẹ́bíìtì nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n apá kírẹ́díìtì ni báńkì ń kọ ọ́ sí, torí lójú tiwọn gbèsè tí wọ́n jẹ yín ni. Nítorí náà, owó tó wọlé ni kí ẹ fi wé owó tó wọlé, ẹ má wo orúkọ tó wà lórí apá náà.

Àṣìṣe kejì kò rọrùn láti rí, torí kì í ba ìṣirò jẹ́: kí èèyàn máa fi iye nìkan sàmì. Ká ní ẹ kọ sọ̀wédowó méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15,000, nọ́ńbà 0114 fún ẹnì kan àti 0117 fún ẹlòmíì, 0117 nìkan ló sì ti kọjá ní báńkì. Bí ẹ bá sàmì sí 0114 torí òun ni ojú yín kọ́kọ́ bà, àròpọ̀ á ṣì bára mu pátápátá. Wàhálà á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá sọ̀wédowó tó kù dúró, tí ẹ wá ní kí báńkì dá èyí tí wọ́n ti san tipẹ́ dúró. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà iye, lẹ́yìn náà ọjọ́. Ọjọ́ ló kẹ́yìn, torí ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ àti ọjọ́ tí báńkì san án kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 26,650. Lẹ́yìn tí a sàmì tán, ohun mẹ́rin ló kọ́kọ́ yọjú. Sọ̀wédowó 58,000 kan wà tí ẹni tó gbà á kò tíì gbé lọ. Owó 35,000 kan wà tí a san sí báńkì lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, tí kò tíì hàn lórí sítéètìmẹ́ǹtì. Báńkì yọ ṣáájì 1,350, oníbàárà kan sì fi 9,500 ránṣẹ́ tààrà; a kò kọ méjèèjì sínú ìwé owó.

Ibí yìí ni àṣìṣe kẹta ti ń ṣẹlẹ̀: kíkọ àtúnṣe sí apá tí kò yẹ. Méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìwé owó yín, ẹ ti kọ wọ́n síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tún kọ 58,000 yẹn ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Iye ti báńkì nìkan ni wọ́n ń tún ṣe, lórí ìwé ìbáradọ́gba: 439,250, a yọ 58,000, a fi 35,000 kún un, ó di 416,250. Ṣáájì àti owó oníbàárà ní tiwọn gbọ́dọ̀ wọ ìwé owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ wọ́n sórí ìwé ìbáradọ́gba nìkan, wọn á sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, 1,350 yẹn á tún yọjú, ti oṣù tuntun á sì kún un. Nínú ìwé owó, 412,600, a yọ 1,350, a fi 9,500 kún un, ó di 420,750.

Ó ku 4,500. Báyìí ni ó tó yẹ kí ẹ lo ọgbọ́n tí àwọn oníṣirò owó ń lò: bí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìkù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pààrọ̀ nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 4,500 ṣeé pín. 26,650 kò ṣeé pín, ẹni tó bá sì ti dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ á rò pé kò sí ìpààrọ̀ kankan. A wá yẹ àwọn ìlà tí a ti sàmì sí wò lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá àwọn tí a yára sàmì sí, a sì rí ìsanwó kan tí a kọ ní 23,800, tó jẹ́ pé 28,300 ni báńkì san. A yọ 4,500 kúrò, ìwé owó di 416,250. Ẹ rántí pé nọ́ńbà mìíràn náà lè ṣeé fi 9 pín láìsí ìpààrọ̀ kankan; ibi tó yẹ ká wò nìkan ló ń tọ́ka sí. Bí ẹ kò bá rí nǹkan, ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, kí ẹ wá 2,250 tí ẹnì kan lè ti kọ sí apá owó tó wọlé dípò èyí tó jáde.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe sí 4,500 yẹn ni kí ẹ kọ “oríṣiríṣi” sí i, kí ẹ fi dí ihò. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ohun kékeré ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ 100,000 tó jáde tí ẹ kò kọ àti 95,500 tó wọlé tí ẹ kò kọ, tí wọ́n fi ara wọn pamọ́ síbẹ̀.