Ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín: ohun tí búrọ́ṣì dá padà fún mi, àti ohun tí kò lè dá padà

Ó tó ọdún méjì tí mo fi ń tu itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ láràárọ̀ tí mo bá run orín tán. Orín àtà ni mo máa ń run, bí ìyá mi ṣe ń run ún, n kò sì ka ẹ̀jẹ̀ náà sí. Àǹtí mi kan ní kí n má fi nǹkan kan kan ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó lè ráyè jiná, mo sì gbọ́ tirẹ̀. Ohun tó bá mi dé ibi tí mo dé nìyẹn. Nígbà tí eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì tí mo bá ń jẹ àgbàdo sísun, mo wọ ọkọ̀ láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, mo lọ rí dókítà eyín.

Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló mú, tí wọ́n fàlà sí lára bíi rúlà.

Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Màmá. N kò ní yọ eyín. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe jìn tó ni."

Ó ń ki ọ̀pá náà jẹ́jẹ́ sáàárín eyín àti èrìgì, ìyẹn ẹran tó di ìdí eyín mú, ojú mẹ́fà yíká eyín kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe iye fún nọ́ọ̀sì. Níwájú, mo ń gbọ́ méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, mo gbọ́ márùn-ún, mẹ́fà, márùn-ún. Mìlímítà ni ó ń kà. Ẹ̀jẹ̀ jáde níwájú, ó jáde lẹ́yìn, ìdí nìyí tí mo fi rò pé ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo ẹnu mi.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní èrìgì tó dá ṣáṣá pàápàá ní àlàfo díẹ̀ láàárín òun àti eyín, mìlímítà kan sí mẹ́ta. Ti iwájú mi pọ́n, ó wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò kọjá mẹ́ta. Ẹran òkè nìkan ni àrùn wà. Okùn tín-tìn-tín tó so eyín mọ́ eegun àgbọ̀n kò já, eegun kò sì jẹ. Jẹ́njifíìtì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lẹ́yìn, ọ̀pá rì dé mẹ́fà nítorí pé okùn náà ti já, eegun ti sọ̀ kalẹ̀, àlàfo sì ti di àpò tí ẹ̀gbin ń sá pamọ́ sí. Pàródọ̀ntíìtì nìyẹn. Ó ya rádíò fún mi, ìyẹn fọ́tò tó ń fi eegun inú ẹran hàn, ó fi ẹnu bíìkì rẹ̀ tọ́ka sí i. Níwájú, eegun gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn eyín. Lẹ́yìn, ó ti lọ sílẹ̀ tó ìdá mẹ́ta gbòǹgbò. Ó dà bí òpó tí àgbàrá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ: òpó fúnra rẹ̀ kò ṣẹ́, ohun tó dì í mú ló dín kù.

Mo bi í bóyá àrùn méjì ló wà lẹ́nu mi. Ó ní, "Bákan náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, Màmá. Kì í ṣe gbogbo jẹ́njifíìtì ló ń dé eegun, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn yín dé ibẹ̀." Ó sì fi hàn mí pé orín mi ń dé ojú eyín tó kọjú síta, kò dé ẹ̀yìn rẹ̀ níbi ahọ́n, kò sì wọ àárín eyín méjì.

Lọ́jọ́ yẹn ó ha tátírì tó wà lókè èrìgì. Tátírì ni ẹ̀gbin rírọ̀ tó ti pẹ́ tó fi gan bí òkúta. Búrọ́ṣì kò lè ká a, orín kò lè ká a, àfi irin dókítà. Iṣẹ́ tèmi ni ẹ̀gbin rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́, kí ó má ráyè gan. Ó ní kí n ra búrọ́ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, kí n fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí irun náà kọjú sí ibi tí èrìgì àti eyín ti pàdé, kí n máa mì ín díẹ̀díẹ̀ lójú kan kí n tó sún síwájú, ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀ àti kí n tó sùn. Ó fún mi ní búrọ́ṣì tíntín tó ń wọ àárín eyín, ó sì wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún mi: kí ó kún àárín náà láìjẹ́ pé mo ń fipá tì í. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni ó ní kí n dúró sí jù.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò dá a dúró. Ní ọjọ́ kẹfà ó dín kù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, búrọ́ṣì tíntín jáde ní funfun láàárín gbogbo eyín iwájú. Mo gbé dígí lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi ìmọ́lẹ̀: ẹran kékeré onígun mẹ́ta tó wà láàárín eyín méjì, tó ti yọ bòòlì tó sì ń dán, ti padà tín-ín-rín, ó lẹ̀ mọ́ eyín, àwọ̀ rẹ̀ kò sì pọ́n mọ́. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ó sọ fún mi pé ní 1965 ní Dẹ́nmáàkì, Harald Löe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ènìyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, jẹ́njifíìtì ti mú gbogbo wọn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, èrìgì wọn sì padà sípò ní bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yìn ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ ní tèmi. Irun búrọ́ṣì kò lè dé ìsàlẹ̀ àpò tó jìn tó mìlímítà mẹ́fà, bó ti wù kí ènìyàn fọ̀ ọ́ tó. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹran kú, ó sì ha tátírì dúdú kúrò lára gbòǹgbò lábẹ́ èrìgì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó tún wọ̀n ọ́n. Iwájú: méjì, méjì. Ẹ̀yìn: mẹ́fà ti di mẹ́rin, márùn-ún di mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde. Inú mi dùn, mo ní eegun ti hù. Ó mi orí. Ó ní wíwú ló lọ, èrìgì sì ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì tún ti fún mọ́ eyín, ohun tó mú kí iye náà kéré nìyẹn. Eegun tó lọ kò padà. Fífọ̀ kò lè hù ú, ohun tó lè ṣe ni kí ìyókù má bàa lọ. Mo rí i lójú dígí pẹ̀lú: eyín ẹ̀yìn mi gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àlàfo ti hàn láàárín wọn, omi tútù sì ń ta mí níbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé dókítà ló ba eyín wọn jẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí èyí. Wíwú ló ti ń bo àlàfo náà mọ́lẹ̀ látẹ̀yìnwá. Eyín tó ń mì náà ti le díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń mì.

Mo fipá mú àbúrò mi ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde rí lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ó ní òun kò ní nǹkan kan. Sìgá ló ń mu, sìgá a sì máa dín ẹ̀jẹ̀ èrìgì kù tí àrùn yóò fi máa jẹ eegun lábẹ́lẹ̀. Ọ̀pá rì dé méje ní ibì kan lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èmi ń lọ báyìí. Mo ṣì ń run orín àtà mi láàárọ̀, kí n tó mú búrọ́ṣì. Lálẹ́, búrọ́ṣì tíntín tí mo ń fi sí ẹ̀yìn tóbi ju ti iwájú lọ, torí àlàfo ibẹ̀ ti fẹ̀.